Nọ́ńbà pH Tó Ń Rìn: Bí A Ṣe Ń Wá Ibi Tí Àìsàn Ẹlẹ́kitíróòdù Gíláàsì Wà Kí A Tó Fọ̀ Ọ́

Ẹ ti ẹlẹ́kitíróòdù bọ bọ́fà pH 4, nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ láti 4.60, ó ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta ti kọjá, kò tíì dúró. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣìṣe. Àwọn kan á sáré tẹ `CAL`, ẹ̀rọ á gba nọ́ńbà tí kò tíì dúró yẹn gẹ́gẹ́ bí òtítọ́, gbogbo ohun tí wọ́n bá sì wọ̀n lọ́jọ́ náà á ṣì. Àwọn mìíràn á ki ẹlẹ́kitíróòdù bọ ásíìdì lójú ẹsẹ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, nígbà tó jẹ́ pé ẹnu wáyà tó gba omi ló ń dà wọ́n láàmú.

Ibi mẹ́rin ni àìsàn náà lè wà: ẹ̀rọ pẹ̀lú wáyà, apá ìfiwéra, orí gíláàsì, tàbí ohun tí a ń wọ̀n gan-an. Ọ̀nà tí a fi ń tọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, nítorí náà ká kọ́kọ́ mọ èyí tó jẹ́, ká tó fọ ohunkóhun. Ẹlẹ́kitíróòdù alápapọ̀ ni a ń sọ níbí, ìyẹn èyí tí apá gíláàsì àti apá ìfiwéra wà nínú ọ̀pá kan ṣoṣo, tó sì ní ihò lára tí a fi ń bu omi KCl sí i. Bí tiyín bá jẹ́ èyí tí wọ́n dí pa, tó jẹ́ jẹ́lì ló wà nínú rẹ̀, ẹ lè ṣe gbogbo àyẹ̀wò tó wà níbí, àmọ́ ẹ ò ní lè pààrọ̀ omi inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan á máa jẹ yọ léraléra: ojú ìsun. Ojú kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsàlẹ̀ ọ̀pá náà ni, ó sábà máa ń jẹ́ séráámíìkì funfun tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ibẹ̀ ni omi KCl ti ń sun jáde díẹ̀díẹ̀ láti kan ohun tí a ń wọ̀n. Bí kò bá sun, apá ìfiwéra kò ní ìdúró.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Bọ́fà pH 4.01, 7.00 àti 10.01, tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dà láti inú ìgò. Ẹ má ṣe lo èyí tó ti wà nínú bíkà láti àná, ẹ má sì dá èyí tí ẹ ti lò padà sínú ìgò.
- Omi KCl 3 M. Bí ẹ bá fẹ́ pò ó fúnra yín, ẹ wọn KCl gíráàmù 22.4, ẹ yọ́ ọ nínú omi dísítíìlì, kí ẹ wá fi omi kún un títí yóò fi pé 100 mL. Ẹ kọ́kọ́ ka ìwé tó bá ẹlẹ́kitíróòdù yín wá, torí àwọn kan wà tó jẹ́ KCl tí wọ́n ti fi AgCl sí títí kò fi gbà mọ́ ni wọ́n ń lò.
- Ásíìdì HCl 0.1 M. Bí ẹ bá ní ògidì HCl 37%, 0.83 mL rẹ̀ nínú 100 mL ló máa fún yín ní èyí. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ dà sínú bíkà, lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi ásíìdì sí i.
- Ọṣẹ olómi tí kò ní yanrìn nínú.
- Pẹpusíìnì gíráàmù 5 nínú 100 mL HCl 0.1 M, bí ó bá jẹ́ ohun tó ní purotéènì lẹ ń wọ̀n.
- Bíkà kéékèèké mélòó kan, omi dísítíìlì, tíṣù rírọ̀, síríǹjì tó ní rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́nu, tẹmómítà, ẹ̀rọ tí ń ro omi, kílíìpù ìwé onírin kan, àti aago tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá.
- Ìbọ̀wọ́ àti awò ìdáàbòbò ojú fún gbogbo ibi tí ásíìdì bá ti wọ̀ ọ́.

Ẹ tún wá ìwé àti bírò sítòsí. Iṣẹ́ yìí kò ṣeé fi orí ṣe, torí bí nọ́ńbà ṣe ń yí padà pẹ̀lú àkókò ló máa sọ ibi tí àìsàn wà fún yín.

Ìpele 1: Ẹ fojú wò ó dáadáa

Ẹ gbé ẹlẹ́kitíróòdù sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ wo ihò tí a fi ń bu KCl sí i. Ṣé ó ṣí? Ihò tí a kò ṣí wà lára ohun tó sábà máa ń fa nọ́ńbà tó ń rìn, ó sì rọrùn jù láti tún ṣe. Bí ihò náà bá wà ní pípa nígbà tí ẹ ń wọ̀n, afẹ́fẹ́ kò ní lè wọlé láti rọ́pò omi tó ń jáde, KCl á wá há sínú, ó sì lè jẹ́ pé ohun tí ẹ ń wọ̀n ni yóò máa wọ inú ẹlẹ́kitíróòdù. Ẹ ṣí i kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ pa á lẹ́yìn tí ẹ bá parí.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí omi KCl dé. Ó gbọ́dọ̀ ga ju ojú omi tí ẹ ń wọ̀n lọ ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, ó kéré tán, torí ìwúwo omi yẹn ló ń tì í jáde. Bí ó bá lọ sílẹ̀, ẹ fi KCl kún un dé ìsàlẹ̀ ihò náà. Ẹ má ṣe fi omi lásán kún un láé. Nínú KCl tó ki, AgCl díẹ̀ máa ń yọ́; bí ẹ bá fi omi là á, AgCl yẹn á dì, yóò sì di ojú ìsun pa láti inú, níbi tí ọwọ́ yín kò ti lè tó o.

Ẹ wá wo orí gíláàsì, ìyẹn gíláàsì tó wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá náà pátápátá. Bí afẹ́fẹ́ bá há sínú rẹ̀, omi inú kò kan gíláàsì dáadáa. Ẹ di òkè ẹlẹ́kitíróòdù mú ṣinṣin, kí ẹ jù ú sísàlẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, bí wọ́n ṣe máa ń ju tẹmómítà ìgbà àtijọ́ tí wọ́n fi ń wọn ibà. Bí ẹ bá rí ìlà tó sán, bó ti wù kó tẹ́ẹ́rẹ́ tó, ẹ má ṣe dààmú ara yín mọ́. Gíláàsì tó sán kò ní àtúnṣe.

Bí ẹ bá bá orí gíláàsì ní gbígbẹ, tí iyọ̀ funfun sì gbá jọ sí i lára, iyọ̀ náà kò ní ewu, omi á ṣàn án lọ. Gbígbẹ yẹn gan-an ni ẹjọ́ wà. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gba omi sára wà lójú gíláàsì náà, òun ló ń gba pH. Bí ó bá gbẹ, ẹlẹ́kitíróòdù á lọ́ra. Ẹ gbé e sínú KCl 3 M di ọjọ́ kejì kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́ kankan.

*Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ìpele yìí ti ṣiṣẹ́?* Ẹ fi omi dísítíìlì ṣan ẹlẹ́kitíróòdù, ẹ fi tíṣù gba omi tó wà lára rẹ̀, kí ẹ gbé e sínú bọ́fà pH 7. Bí nọ́ńbà bá dúró láàárín ìṣẹ́jú kan, tó sì ṣe bẹ́ẹ̀ nínú bọ́fà pH 4 náà, ẹ ti rí i. Ẹ ṣe kálíbíréṣọ̀n, kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ.

Ẹ kíyè sí i pé *gbígbà* ni mo pè é, n kò pè é ní nínù. Bí ẹ bá fi tíṣù gbígbẹ nu gíláàsì nínù, iná tí nínù náà dá sílẹ̀ á dúró sí i lára, nọ́ńbà á sì máa rìn fún ìṣẹ́jú mélòó kan, bí ẹni pé ẹlẹ́kitíróòdù ló ń ṣàìsàn.

Ìpele 2: Ẹ yọ ẹ̀rọ àti wáyà kúrò nínú ẹjọ́

Ẹ yọ ẹlẹ́kitíróòdù kúrò lára ẹ̀rọ. Ẹ yí ẹ̀rọ sí mV. Ẹ tọ́ kílíìpù ìwé, kí ẹ ki ẹnu rẹ̀ kan bọ ihò àárín ẹnu BNC tó wà lára ẹ̀rọ, kí ẹnu kejì kan irin tó yí i ká. Ẹ̀rọ tó yè gbọ́dọ̀ kà 0 mV, tàbí kó yàtọ̀ sí i pẹ̀lú 1 tàbí 2 péré, kó sì dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 láìmira. Bí nọ́ńbà bá ń fò kiri pẹ̀lú kílíìpù yẹn níbẹ̀, ẹ̀rọ ló ń ṣàìsàn, kò sí bí ẹ ṣe lè fọ ẹlẹ́kitíróòdù tó tí yóò wò ó sàn.

Àmọ́ ẹ má ṣe rò pé àyẹ̀wò yìí ti dá wáyà láre. Wáyà wà lára ẹlẹ́kitíróòdù tí ẹ yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kílíìpù kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ dá ẹlẹ́kitíróòdù padà sójú rẹ̀, ẹ gbé e sínú bọ́fà pH 7, kí ẹ mi wáyà jẹ́jẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí nọ́ńbà bá fò ní ibi kan pàtó, wáyà ti já níbẹ̀ nínú. Bí ó bá ń fò nígbà tí ọwọ́ yín kàn sún mọ́ ọn lásán, aṣọ irin tó bo wáyà náà ni kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rinrin ni èèyàn kì í sábà fura sí. Gíláàsì náà ń dènà iná gan-an, láti nǹkan bí mẹ́gà-óòmù 50 dé 500. Nítorí náà, omi díẹ̀ tàbí ọ̀rá ìka lásán nínú ẹnu BNC ti tó láti fún iná ní ọ̀nà mìíràn tó rọrùn ju ti inú ẹ̀rọ lọ. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, gbogbo bọ́fà á máa kà sápá pH 7: bọ́fà 4 lè kà 5, bọ́fà 10 lè kà 9. Ẹ fi ọtí ẹtanọ́ọ̀lù díẹ̀ nu ẹnu wáyà náà, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa níbi tí afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wà. Ẹ má ṣe gbé e síbi tó gbóná janjan. Láti ìgbà náà lọ, irin ìta nìkan ni kí ọwọ́ yín máa kàn.

*Àyẹ̀wò:* kílíìpù fún yín ní 0 mV tó dúró, mímì wáyà kò sì yí nọ́ńbà padà ju 1 mV lọ. Ó wá ku ẹlẹ́kitíróòdù fúnra rẹ̀.

Ìpele 3: Ẹ gba nọ́ńbà mV pẹ̀lú aago, kí ẹ sì padà sí bọ́fà 7

Bí ẹ bá máa fo ìpele kankan, kó má jẹ́ èyí. Ẹ ṣì fi ẹ̀rọ sílẹ̀ lórí mV, ẹ má yí i sí pH. Nọ́ńbà pH tí ẹ ń rí lójú ẹ̀rọ ti gba inú kálíbíréṣọ̀n àtijọ́ kọjá, ó sì lè bo àìsàn mọ́lẹ̀. mV ni ohun tí ẹlẹ́kitíróòdù ń sọ gan-an.

Ní 25 °C, ẹlẹ́kitíróòdù tó pé á yí padà pẹ̀lú 59.16 mV fún ìwọ̀n pH kan. Bọ́fà 7.00 á fún yín ní nǹkan bí 0 mV, bọ́fà 4.01 á fún yín ní nǹkan bí +177, bọ́fà 10.01 ní nǹkan bí −178. Ìyípadà fún ìwọ̀n pH kan yìí ni à ń pè ní ìdagẹ̀rẹ̀. Lójú ẹ̀rọ, `Slope` ni wọ́n máa ń kọ. Iye tí bọ́fà 7 fún yín ni ìbẹ̀rẹ̀, `Offset` lójú ẹ̀rọ. Nǹkan méjì yìí ni gbogbo ẹjọ́ dá lé.

Ẹ jẹ́ kí gbogbo bọ́fà wà ní ìwọ̀n ooru kan náà. Ìgò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú fíríìjì á mú kí nọ́ńbà máa rìn títí yóò fi lọ́wọ́ọ́wọ́. Lẹ́yìn náà:

1. Ẹ da bọ́fà 7 sínú bíkà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa rò ó jẹ́jẹ́, ẹ gbé ẹlẹ́kitíróòdù sí i títí ojú ìsun á fi rì. Ẹ kọ mV sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá 30, ní ìṣẹ́jú 1, àti ní ìṣẹ́jú 5.
2. Ẹ ṣàn án, ẹ gbà á gbẹ, ẹ gbé e sínú bọ́fà 4.01, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́.
3. Ẹ padà sínú bọ́fà 7 *tuntun*, ẹ tún kọ ọ́ sílẹ̀ ní àwọn àkókò kan náà.
4. Níbẹ̀, ẹ dá ẹ̀rọ tó ń ro omi dúró. Ẹ wo iye mV tí nọ́ńbà fi yí padà láàárín ìṣẹ́jú kan.

Bọ́fà 10 ni kí ẹ fi gbẹ̀yìn, bí ẹ bá nílò rẹ̀ rárá. Ó máa ń fa CO₂ láti inú afẹ́fẹ́, pH rẹ̀ á sì máa wálẹ̀ nínú bíkà tó ṣí. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́kitíróòdù tó yè ni wọ́n ti dá lẹ́bi nítorí bọ́fà 10 tó ti bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ kan. Omi tó ní purotéènì ni wọ́n fi ẹlẹ́kitíróòdù yìí wọ̀n fún oṣù mélòó kan, wọ́n wá ní nọ́ńbà kò dúró mọ́. Ní 25 °C, ohun tí a kọ sílẹ̀ nìyí:

- Bọ́fà 7, ìgbà àkọ́kọ́: −21 mV ní ìṣẹ́jú-àáyá 30, −24 ní ìṣẹ́jú 1, −33 ní ìṣẹ́jú 5.
- Bọ́fà 4.01: +138 ní ìṣẹ́jú 5.
- Bọ́fà 7, ìgbà kejì: −41 ní ìṣẹ́jú 5.
- Lẹ́yìn tí wọ́n dá ríro dúró: −34.

Kí la rí? Bọ́fà kan náà fún wa ní −33, ó tún fún wa ní −41. Ìyàtọ̀ 8 mV ni, ó sì tó nǹkan bí 0.14 lórí òṣùwọ̀n pH. Ìbẹ̀rẹ̀ ló ń rìn. Ká wá wo ìdagẹ̀rẹ̀. Bí a bá fi −33 nìkan ṣírò rẹ̀, 138 + 33 jẹ́ 171. Tí a bá pín in sí 2.99, ó di 57.2, ìyẹn 96.7% nínú ohun tó yẹ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ń yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n, nítorí náà àárín méjèèjì, −37, ló tọ́ ká lò. 138 + 37 jẹ́ 175, tí a bá pín in sí 2.99, ó di 58.5, ìyẹn 98.9%. Orí gíláàsì yìí kò ní àìsàn kankan. Bí wọ́n bá ti kì í bọ ásíìdì ní òru mọ́jú, gíláàsì tó yè ni wọ́n ìbá máa fọ̀.

Bí a ṣe ń ka àbájáde náà nìyí. Bí ìdagẹ̀rẹ̀ bá dára ṣùgbọ́n tí ìbẹ̀rẹ̀ ń rìn, tí bọ́fà 7 kejì kò bá ti àkọ́kọ́ mu, tí dídá ríro dúró sì ń yí nọ́ńbà padà pẹ̀lú mV mélòó kan, ojú ìsun tàbí omi inú ló ń ṣàìsàn: ẹ lọ sí Ìpele 4. Bí bọ́fà 7 bá ń padà síbi kan náà lẹ́ẹ̀mejèèjì, àmọ́ tí nọ́ńbà ń lọ́ra kó tó débẹ̀, tí ìdagẹ̀rẹ̀ sì kéré, orí gíláàsì ni: ẹ lọ sí Ìpele 5. Bí gbogbo bọ́fà bá kà bí 0 mV, gíláàsì ti sán tàbí wáyà ti kan ara wọn nínú. Bí gbogbo rẹ̀ bá dára, ohun tí ẹ ń wọ̀n ló kù: Ìpele 6.

Ìpele 4: Ojú ìsun àti omi inú

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ìta. Ẹ fi síríǹjì fa gbogbo omi KCl àtijọ́ jáde, ẹ fi KCl tuntun díẹ̀ ṣan inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì bu tuntun kún un. Omi inú lè ti dàpọ̀ mọ́ ohun tí ẹ ti ń wọ̀n láìjẹ́ pé ojú rí i. Ẹ tún Ìpele 3 ṣe. Nígbà míì, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ á parí sí.

Bí kò bá parí, ẹ ṣí ihò náà sílẹ̀, ẹ ki ìsàlẹ̀ ẹlẹ́kitíróòdù bọ KCl tó gbóná tó 60 °C fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ wá gbé e sínú KCl tí kò gbóná títí yóò fi tutù. Iyọ̀ tó dì sínú ojú ìsun máa ń yọ́ nípa báyìí. Ẹ má jẹ́ kí omi náà hó, ẹ má sì gbé e láti inú èyí tó gbóná sínú omi tó tutù nini, kí gíláàsì má baà sán.

Ohun tó lẹ̀ mọ́ ojú ìsun láti ìta ló máa sọ ohun tí ẹ máa fi fọ̀ ọ́. Bí ẹ bá ń wọn ohun tó ní purotéènì, pẹpusíìnì nínú HCl 0.1 M ló kàn: wákàtí 1, kí ojú ìsun rì sínú rẹ̀ pátápátá. HCl nìkan kò tó níbí, torí ńṣe ló máa ń mú kí purotéènì mìíràn dì. Pẹpusíìnì ló ń gé e sí wẹ́wẹ́. Bí ojú ìsun bá dúdú, ẹ̀sùn náà yàtọ̀. Fàdákà tó wà nínú omi inú ti pàdé súfáídì, ó sì ti di Ag₂S. Tayoyúríà 7.5% nínú HCl 0.1 M ni wọ́n ń lò fún èyí, títí dúdú náà fi máa ṣí. Ẹ má ṣe fọwọ́ lásán kàn án, torí ó lè ṣe ara ní jàǹbá.

Ẹ má ṣe fi abẹ́rẹ́ ro ojú ìsun, ẹ má sì fi bébà oníyanrìn ha á. Séráámíìkì yẹn kún fún ihò tí ojú kò lè rí. Bí ẹ bá ha á, ẹ ó fi ìdọ̀tí dí wọn ni.

Lẹ́yìn fífọ̀ èyíkéyìí, ẹ tún omi inú pààrọ̀, torí díẹ̀ nínú ohun tí ẹ fi fọ̀ ọ́ ti wọlé. Kí ẹlẹ́kitíróòdù wá sinmi nínú KCl 3 M fún wákàtí 1. Ìsinmi yìí ni àwọn tó ń kánjú máa ń fò, wọ́n á wá ní fífọ̀ kò ṣiṣẹ́.

*Àyẹ̀wò:* ẹ tún Ìpele 3 ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹlẹ́kitíróòdù inú àpẹẹrẹ wa, lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ KCl tí wọ́n sì fi pẹpusíìnì fọ̀ ọ́, kà −3 mV nínú bọ́fà 7, ó sì dúró kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Ó kà +171 nínú bọ́fà 4.01, ó sì padà sí −4 nínú bọ́fà 7 kejì. Dídá ríro dúró kò yí i padà tó 1 mV. Ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 58.4, bíi ti tẹ́lẹ̀, torí gíláàsì kò ṣàìsàn rí.

Ìpele 5: Orí gíláàsì

Bí ìdọ̀tí bá bo gíláàsì, ohun tí a ń wọ̀n gbọ́dọ̀ gba inú ìdọ̀tí náà kọjá kó tó kan gíláàsì. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà fi ń lọ́ra, àmọ́ tó ń padà dé ibi kan náà nígbẹ̀yìn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó rọ̀ jù. Ọṣẹ olómi nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìṣẹ́jú 10, kí ẹ máa rò ó. Èyí á mú ọ̀rá kúrò. Ẹ ṣàn án dáadáa. Bí kò bá tó, ó kan HCl 0.1 M, ìṣẹ́jú 15 sí 30. Èyí ń yọ ẹfun tí omi líle máa ń fi sílẹ̀. Bí ẹ bá fi ásíìdì ṣáájú ọṣẹ, ọ̀rá á bo ẹfun mọ́lẹ̀, ásíìdì kò sì ní rí i. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó sinmi nínú KCl fún wákàtí 1 sí 2. A rí àwọn tó ń lo iyọ̀ fílúóráìdì láti bó ojú gíláàsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe dán an wò: ó ń mú HF jáde, HF sì lè gba awọ ara kọjá dé egungun. Kò sí ẹlẹ́kitíróòdù tó tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ ro ti ooru mọ́ ọn pẹ̀lú. Bí omi bá ṣe tutù tó ni gíláàsì á ṣe máa dènà iná tó, nítorí náà ìlọ́ra nínú omi tó wà ní 5 °C kì í ṣe àìsàn. Ìdagẹ̀rẹ̀ tó pé pàápàá ń yí padà: 58.17 mV ni ní 20 °C, 54.20 ní 0 °C. Nọ́ńbà tó bá ìwọ̀n ooru yín mu ni kí ẹ fi pín in kí ẹ tó sọ pé ó kéré.

*Àyẹ̀wò:* ìdagẹ̀rẹ̀ láàárín 95% àti 102%, bọ́fà 7 láàárín −30 àti +30 mV, kí nọ́ńbà sì dúró láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá wà láàárín 90% àti 95%, ẹ tún un fọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kó sì sinmi di ọjọ́ kejì. Bí ó bá ṣì wà lábẹ́ 90% lẹ́yìn ìyẹn, ó ti gbó. Gíláàsì máa ń gbó bó ti wù ká tọ́jú rẹ̀ tó, pàápàá èyí tí wọ́n ń fi wọn omi gbígbóná tí pH rẹ̀ ga.

Ìpele 6: Bọ́fà dúró, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ń wọ̀n kò dúró

Ẹlẹ́kitíróòdù ti yè nìyẹn, ẹ má ṣe fọ̀ ọ́ mọ́. Omi tí iyọ̀ inú rẹ̀ kéré ni ẹjọ́ máa ń wà lọ́rùn rẹ̀ jù: omi dísítíìlì, omi òjò. Iná kò rí ọ̀nà gbà dáadáa nínú rẹ̀, KCl tó ń sun jáde ń yí i padà ní ẹgbẹ́ ojú ìsun, CO₂ inú afẹ́fẹ́ sì ń fa pH rẹ̀ wálẹ̀ sápá 5.6. Nọ́ńbà tó ń rìn níbẹ̀ lè jẹ́ òtítọ́, omi náà ló ń yí padà lóòótọ́. Ẹ fi 0.3 mL KCl 3 M sínú 100 mL rẹ̀, ẹ bo ẹnu bíkà, ẹ rò ó jẹ́jẹ́, ẹ sì fún un ní àkókò.

Bí ó bá jẹ́ inú táńkì tó ní pọ́ǹpù lẹ ti ń wọ̀n, ẹ bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú bíkà, kí ẹ gbé e jìnnà sí táńkì náà. Bí ó bá dúró nínú bíkà, iná tó ń jò láti ara pọ́ǹpù sínú omi ló ń da nọ́ńbà rú. Oníṣẹ́ iná lẹ máa pè.

*Àyẹ̀wò:* ẹ wọn ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì nínú bíkà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí méjèèjì má yàtọ̀ ju 0.05 pH lọ.

Kí ẹ tó padà sẹ́nu iṣẹ́

Ẹ yí ẹ̀rọ padà sí pH, ẹ pa kálíbíréṣọ̀n àtijọ́ rẹ́, kí ẹ ṣe tuntun. Ẹ máa dúró kí nọ́ńbà má mira fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 kí ẹ tó gbà á. Ẹ wá kọ ọjọ́, mV bọ́fà 7 àti ìdagẹ̀rẹ̀ sórí bébà kékeré, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ wáyà. Ẹ ṣe bákan náà fún ẹlẹ́kitíróòdù tuntun lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ lò ó, torí bí nọ́ńbà bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, bébà yẹn ló máa sọ bóyá ìbẹ̀rẹ̀ ló kúrò níbi tó wà ni, tàbí ìdagẹ̀rẹ̀ ló ń dín kù. Inú KCl 3 M ni kí ẹ máa tọ́jú rẹ̀ sí, kí ihò rẹ̀ wà ní pípa. Omi dísítíìlì kì í ṣe ibi ìsinmi fún un, torí ńṣe ló ń fa iyọ̀ jáde lára gíláàsì àti ojú ìsun rẹ̀.